Ẹyẹ Òkun Kan, Olùtumọ̀ Mẹ́ta: Bí Ewì Faransé Ṣe Ń Di Ewì Gẹ̀ẹ́sì Láìsọ Àwòrán Rẹ̀ Nù

Charles Baudelaire, akéwì ọmọ Paris, kọ ewì kan nípa ẹyẹ òkun ńlá tí wọ́n ń pè ní álíbátírọ́sì. Ọdún 1859 ni ewì náà kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó di ọdún 1861, Baudelaire fi í kún ẹ̀dà kejì Les Fleurs du mal, ìwé ewì tí ilé ẹjọ́ ti bu owó ìtanràn 300 faransi lé e nítorí rẹ̀ ní 1857. Ìlà 16 péré ni gbogbo ewì náà, ìtàn inú rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀. Àwọn atukọ̀ tó ń wá ohun tí wọn yóò fi dára yá mú ẹyẹ tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ wọn, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí pákó ọkọ̀. Ẹyẹ tó jẹ́ ọba lójú ọ̀run wá di ẹni ẹ̀sín. Apá rẹ̀ ńláńlá ń wọ́ nílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Atukọ̀ kan ń fi ìkòkò tábà tọ́ ọ lágógó, èkejì ń tiro láti fi sín in jẹ. Nínú ẹsẹ tó kẹ́yìn, Baudelaire ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni akéwì rí láàrin àwùjọ: ìjì kò bà á lẹ́rù, tafàtafà kò rí i mú, ṣùgbọ́n bó bá ti balẹ̀ sáàrin ariwo àwọn ènìyàn, apá òmìrán rẹ̀ kò ní jẹ́ kó rìn.

Ọmọ ilé ìwé lè sọ ìtàn yìí ní èdè tó bá wù ú. Ohun tó ń fa làálàá ni pé inú ìlà tí a ka ìró rẹ̀ ni Baudelaire ti sọ ọ́, àwòrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó dúró sí nínú ìlà náà. Olùtumọ̀ tó fẹ́ kó di ewì ní Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wá ìlà mìíràn tó ní òfin tirẹ̀, kó sì gbé àwọn àwòrán náà wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n fọ́. Ọ̀pọ̀ ló ti gbìyànjú. Mẹ́ta nínú wọn ṣe é lọ́nà tó yàtọ̀ síra gan-an: George Dillon ní 1936, Roy Campbell ní 1952, àti Richard Howard ní 1982. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wọn síwájú ewì Baudelaire yóò rí ibi tí àwòrán ti ń sọnù, yóò sì rí i pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò kọ́.

Ìlà tí Baudelaire lò ni wọ́n ń pè ní alẹsándíríìnì. Ó ti pẹ́ nínú ewì Faransé. Racine fi kọ eré oníṣe rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Victor Hugo náà lò ó. Sílébù 12 ló ń ní. Lẹ́yìn sílébù kẹfà, ohùn a dúró díẹ̀, ìlà a sì pín sí méjì ọgbọọgba. Ẹni tó bá kàwé ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ilé ìwé, lè ti fi ìka ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí. Fáwẹ́lì kékeré kan sì wà ní ìparí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé tí ẹnu máa ń gbé mì nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nínú ewì, bí kọ́ńsónáǹtì bá tẹ̀lé e láàrin ìlà, wọ́n ń kà á mọ́ sílébù, ẹnu sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀lẹ̀ pè é. Ohun tó ń mú kí ìlà náà máa rọra lọ nìyẹn, tí kò fi dún gbàgà bí ìgbà tí ènìyàn ń ka owó.

Gẹ̀ẹ́sì kì í ka sílébù lásán. Ohun tó ń gbọ́ ni ìwúwo: sílébù kan fúyẹ́, èyí tó tẹ̀lé e wúwo. Ìlà tó mọ́ ọn lára jù lọ ni pẹntámítà, tí í ṣe sílébù 10, tí márùn-ún nínú wọn wúwo. Òun ni Shakespeare fi kọ púpọ̀ nínú eré rẹ̀. Bí akéwì Gẹ̀ẹ́sì bá na ìlà rẹ̀ dé sílébù 12, etí Gẹ̀ẹ́sì a máa gbọ́ ìlùkìkì mẹ́fà, tó fẹ́ kán sí mẹ́ta-mẹ́ta ní àárín, ìlà náà a sì máa falẹ̀. Alexander Pope ti fi irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti 1711. Ó fi í wé ejò tó fara gbọgbẹ́ tó ń wọ́ ara rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, púpọ̀ nínú àwọn olùtumọ̀ máa ń gbé alẹsándíríìnì lọ sínú pẹntámítà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò tètè ṣírò pé bí 12 bá di 10, ohun kan ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, àti pé sílébù méjì tó dín náà ló gbé àwòrán lọ. Ìṣirò náà kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ Faransé tí Baudelaire lò fún àjẹ̀ ní sílébù mẹ́ta. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ọkọ̀ ojú omi, apá, àgógó, ìkòkò tábà, ọba, ìkùukùu, ìjì: sílébù kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí olùtumọ̀ bá kó àwọn ohun tó ṣeé fojú rí nínú ìlà Faransé kan jọ, tó sì sọ wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ṣókí, ó sábà máa ń rí i pé àyè ṣì kù nínú pẹntámítà. Inú àyè tó kù yẹn ni ewu wà.

Iṣẹ́ Dillon fi èyí hàn kedere. Òun àti Edna St. Vincent Millay, akéwì ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n jọ ṣe ìtumọ̀ ọdún 1936, Millay sì jà fitafita nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà pé kí olùtumọ̀ má ṣe fi òṣùwọ̀n akéwì ṣeré. Èrò tó dára ni. Dillon wá lo ìlà gígùn fún ewì ẹyẹ òkun náà, ó sì mú ìparí ìlà bára mu gẹ́gẹ́ bí Baudelaire ti ṣe. Ṣùgbọ́n ìlà gígùn ń béèrè oúnjẹ. Nínú ẹsẹ àkọ́kọ́ nìkan, ó fi ọ̀rọ̀ kún un pé ẹyẹ náà jẹ́ aláìríre, ó sì ní kí àwọn ẹyẹ náà máa fi ẹwà yí po lókè òpó ọkọ̀. Baudelaire kò sọ̀rọ̀ òpó ọkọ̀ rárá. Òpó náà wọlé nítorí pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ dún bákan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "títóbi lọ salalu", èyí tí Dillon ti fi parí ìlà kan ṣáájú.

Bí òpó bá kàn wọlé tí kò lé ẹnikẹ́ni jáde, a lè fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ó lé ohun kan jáde. Ní ìparí ẹsẹ yẹn, Baudelaire fi ọkọ̀ hàn wá bó ṣe ń yọ̀ lọ lórí ọ̀gbun omi tó korò. Ojú òǹkàwé ń wo ìsàlẹ̀ níbẹ̀, sínú ìjìn tí kò lópin, ẹyẹ náà sì wà lókè ọ̀gbun yìí láìbìkítà. Ìgbà tí wọ́n bá wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí pákó pẹrẹsẹ nínú ẹsẹ kejì, a óò mọ bí ohun tó pàdánù ti tó. Nínú ìtumọ̀ Dillon, ojú ń wo òkè, sí òpó ọkọ̀. Ọ̀gbun ti lọ, ìkorò rẹ̀ ti lọ, ìṣubú ẹyẹ náà kò sì jìn mọ́. Ẹni tó bomi la ẹmu rò pé òun fi kún un ni. Ẹni tó mu ún ló mọ ohun tó dín.

Campbell lo pẹntámítà, ó sì mú ìparí ìlà bára mu. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni, akéwì tó ní ohùn líle, ìtumọ̀ rẹ̀ sì dùn létí ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Ẹsẹ kejì rẹ̀ yẹ ní wíwò dáadáa, nítorí ó bá ẹ̀bùn kan pàdé níbẹ̀. Baudelaire pe àwọn ẹyẹ náà ní ọba, ìlà tó tẹ̀lé e sì dárúkọ apá wọn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ fún àwọn ọba àti ọ̀rọ̀ fún apá ń dún bákan náà ní ìparí. Wọn kò bára mu ní Faransé. Campbell fi ọ̀kan parí ìlà àkọ́kọ́, ó fi èkejì parí ìlà kẹta, gbogbo ẹsẹ náà sì rọ̀ mọ́ àwòrán méjèèjì yìí: ipò ọba àti apá. Ìbáramu tó ṣubú lé ohun tí akéwì fẹ́ kí a rí gan-an nìyí, kò ná olùtumọ̀ ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí apá yẹn, nítorí ohùn Faransé ṣe iṣẹ́ kan níbẹ̀. Kí Baudelaire tó dárúkọ apá náà, ó lo ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kan tó túmọ̀ sí "tìyà-tìyà", ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́rin, ìdá mẹ́ta ìlà náà. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó ń fa ara rẹ̀ lọ, ẹnu sì ti rẹ òǹkàwé díẹ̀ kó tó kan apá fúnra rẹ̀. Olùtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wá ọ̀rọ̀ tó gùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà mìíràn láti fa ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ onísílébù kan mẹ́ta tó wúwo bá tò léra, tí kò sí èyí tó fúyẹ́ láàrin wọn, ẹnu kò lè sáré kọjá lórí wọn. "Ńlá", "funfun", "apá": ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí jẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló sì wúwo. Campbell tò wọ́n báyìí. Howard náà tò wọ́n báyìí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mú ìparí ìlà kankan bára mu. Ìwúwo náà mú apá ẹyẹ wọ́ nílẹ̀ nínú etí òǹkàwé. Faransé fi gígùn ọ̀rọ̀ fà á, Gẹ̀ẹ́sì fi ìwúwo rẹ̀ fà á, àwòrán kan náà ló sì dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé.

Lẹ́yìn náà ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Campbell nílò sílébù méjì láti kún ìlà tó sọ̀rọ̀ àjẹ̀, ó sì ní kí àjẹ̀ náà máa léfòó kiri. Àjẹ̀ tó ń léfòó, inú omi ló wà. Àjẹ̀ ti Baudelaire wà lórí pákó, ó ń wọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ẹyẹ bí ẹrù tí kò ní ìlò mọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ti dá ẹyẹ náà padà sínú omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde.

Ẹsẹ kẹta burú jù. Campbell sọ àgógó ẹyẹ náà di aláwọ̀ wúrà. Baudelaire kò dárúkọ àwọ̀ kankan, àgógó álíbátírọ́sì tó tóbi jù lọ, èyí tí apá rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà mẹ́ta àti ààbọ̀, sì pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Wúrà kò sí níbẹ̀ fún ìdí kankan ju kí ìlùkìkì pé lọ. Ó tún fi yìnyín ojú ọ̀run sínú ẹsẹ náà, yìnyín tí Faransé kò mọ̀ rí. Yìnyín yìí dún bákan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "lọ", èyí tó parí ẹsẹ náà, níbi tí atukọ̀ tó ń tiro ti ń fi arọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Baudelaire ṣe parí rẹ̀. Tirẹ̀ ni pé atukọ̀ náà ń sín arọ kan jẹ, arọ tó máa ń fò tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe tó sọ pé ó máa ń fò ló parí ìlà náà, òun ló sì gún ọkàn jù nínú gbogbo ewì: a rí atukọ̀ tó ń tiro, a sì rí ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbáramu kan ṣoṣo gbé yìnyín wá sínú ìlà kan, ó sì pa fífò nínú òmíràn.

Ibi tí àwòrán ti ń sọnù nìyí. Kì í sábà jẹ́ nítorí pé ìlà Gẹ̀ẹ́sì kúrú. Ìparí ìlà ni wàhálà wà, níbi tí ìbáramu ti ń pàṣẹ, àti inú àyè tó kù, níbi tí ọ̀rọ̀ àpèjúwe ti ń wọlé láìkanlẹ̀kùn. Faransé ní ọ̀rọ̀ tó bára mu ní ìparí lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe àti ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀ jọra. Gẹ̀ẹ́sì kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú gbogbo ìlà 16 bára mu ní Gẹ̀ẹ́sì yóò yá ọ̀rọ̀ ibòmíràn, ọ̀rọ̀ tó bá sì yá á gbé àwòrán tirẹ̀ dání.

Howard, akéwì ọmọ Amẹ́ríkà, mọ èyí. Ó lo pẹntámítà, ó sì fi ìbáramu sílẹ̀ pátápátá jákèjádò ìwé náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ gba American Book Award. Nínú ẹsẹ àkọ́kọ́ rẹ̀, ìkorò òkun wà níbẹ̀, ìjìn náà sì wà níbẹ̀, nítorí ó lo òṣùwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tí àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wọn bí omi ṣe jìn tó. Ọ̀rọ̀ atukọ̀ wọnú ewì atukọ̀, kò sì sí ohun tó lé jáde. Arọ tó ti fò rí wà ní ìparí ẹsẹ kẹta gan-an, níbi tí Baudelaire fi í sí. Nígbà tó kan àjẹ̀, Howard náà fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe kan kún un: ó ní àjẹ̀ tí wọ́n ti yọ kúrò níbi tí wọ́n ń fi kọ́ ọkọ̀ ni. Àfikún ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí wúrà Campbell. Àjẹ̀ tí wọ́n bá yọ báyìí kò lè wa ọkọ̀ mọ́. Ó kàn wà nílẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí apá ẹyẹ náà ti wà. Ọ̀rọ̀ tí ó fi kún un mú kí a rí ohun tí Baudelaire ti fi hàn tẹ́lẹ̀, ó kàn mú un mọ́lẹ̀ sí i. Ohun tí kò mú mi lórí yá ni pé ó ní wọ́n so ẹyẹ náà mọ́ pákó ọkọ̀. Kò sí okùn nínú Faransé. Apá ẹyẹ náà ni okùn rẹ̀, gbogbo ewì náà sì dúró lórí èyí.

Ìlà tó kẹ́yìn ni ìdánwò tó le jù. Baudelaire lo ìdúró àárín ìlà níbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Sílébù mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ apá òmìrán náà nìkan, ó gba ìdajì ìlà bí ẹni tó tẹ́ apá sílẹ̀. Ohùn dúró. Sílébù mẹ́fà kejì sọ pé apá náà ń dí i lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìṣe "rìn" ló sì parí ewì. "Rìn" yìí bá ọ̀rọ̀ "tafàtafà" tó parí ìlà kẹrìnlá mu. Ọfà tafàtafà kò lè ṣe ẹyẹ náà ní nǹkan kan. Ìrìn ẹsẹ̀ lásán ló ṣẹ́gun rẹ̀. Etí ló so ọ̀tá tí kò lè pa á mọ́ ohun kékeré tó dá a dúró.

Campbell fi ọ̀rọ̀ orúkọ tó túmọ̀ sí "bí a ṣe ń rìn" parí tirẹ̀. Ó bá ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí "pẹ̀lú ayọ̀ ńlá" mu, ọ̀rọ̀ tó fún ẹyẹ náà nínú ìjì. Tafàtafà ti kúrò ní ìparí ìlà. Ìrìn sì ti di orúkọ, kò jẹ́ ìṣe mọ́: a kò rí ẹsẹ̀ tó fẹ́ gbé tí kò lè gbé, a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ nìkan. Howard yí ìlà náà padà bìrí. Ó sọ pé kò lè rìn, ó sì fi apá ńlá náà parí ewì gẹ́gẹ́ bí ìdí. Gbólóhùn náà tọ́, kò sí àwòrán tó sọnù, ṣùgbọ́n wọ́n dé lọ́nà òdìkejì. Nínú Faransé, a rí ọlá, lẹ́yìn náà a rí ìtìjú, ìtìjú ni a sì bá kúrò níbẹ̀. Nínú ti Howard, a rí ìtìjú, lẹ́yìn náà apá ẹyẹ náà tún tàn kálẹ̀ lójú wa. Ewì náà parí pẹ̀lú ẹyẹ tó ga ju ẹyẹ Baudelaire lọ. Ibi tó bani nínú jẹ́ ni pé Howard, tí ìbáramu kankan kò dè, ni ọ̀nà rẹ̀ la jù láti fi "rìn" parí.

Ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní méjèèjì, "rìn" ní ìparí àti ohùn tó dáhùn sí i? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún "rìn" kò ní ẹlẹgbẹ́ púpọ̀. Àwọn tó bá a mu túmọ̀ sí "sọ̀rọ̀", "ẹfun ìkọ̀wé", "igi ewéko" àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí èyí tó ní iṣẹ́ kan lórí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ tí wọ́n ti gba ìbáramu aláàbọ̀ láyè, níbi tí kọ́ńsónáǹtì ìparí ti dọ́gba tí fáwẹ́lì sì yà díẹ̀. Emily Dickinson lò ó dáadáa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí "fi ṣe ẹlẹ́yà" fẹ́rẹ̀ẹ́ bá "rìn" mu lọ́nà yìí, ohun tí ẹyẹ náà sì ń ṣe sí tafàtafà nínú ìlà kẹrìnlá gan-an nìyẹn: ó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Olùtumọ̀ tó bá tò ó kí tafàtafà ṣáájú, kí ẹlẹ́yà parí ìlà, yóò rí ìdáhùn ohùn tó wá láti inú ewì fúnra rẹ̀. Àtòpọ̀ gbólóhùn náà lè le díẹ̀ lẹ́nu, iṣẹ́ sì ń bẹ níbẹ̀. Síbẹ̀, ó sàn ju yíyá yìnyín lọ.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ náà fi ń yọrí fún ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo àwòrán rèé. Kó tó kọ ìlà kan ní Gẹ̀ẹ́sì, kó ka ewì Faransé sókè títí ìdúró àárín ìlà yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ojú lè rí, tí ọwọ́ lè kàn, tí ahọ́n lè tọ́ wò, kó sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń mú wọn rìn. Kó kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí: ìbẹ̀rẹ̀, etí ìdúró, tàbí ìparí. Inú àwọn ọ̀rọ̀ tó fa ìlà sí yìí ni kó ti kọ́kọ́ wá ìbáramu Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí ọba àti apá ti bára mu. Bí kò bá rí i, ìbáramu aláàbọ̀ ni kó gbìyànjú, bí kò bá tún rí i, kó fi ìlà náà sílẹ̀ láìbára mu. Nígbà tó bá parí, kó kó gbogbo ọ̀rọ̀ àpèjúwe inú ìtumọ̀ rẹ̀ jáde, kó sì béèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá Faransé ní in. Èyí tí kò bá ní, tí kò sì mú ohun tí Faransé ní mọ́lẹ̀ sí i, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀. Ìdánwò mìíràn tún wà tó rọrùn: kó ka ìtumọ̀ náà fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé, kó ní kó sọ ohun tó rí. Bí onítọ̀hún bá dárúkọ òpó ọkọ̀, olùtumọ̀ ti mọ ibi tó ti ṣìnà.

Kì í ṣe gbogbo ewì Faransé ni ọ̀nà yìí bá mu. Paul Verlaine ní ewì kan lórí ìgbà ìwọ́wé tí ìlà rẹ̀ kò ju sílébù mẹ́rin tàbí mẹ́ta lọ. Òun ni rédíò BBC ka ìlà rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1944 láti fi ta àwọn tó ń bá àwọn Jámánì jà ní abẹ́lẹ̀ ní Faransé lólobó. Àwòrán inú rẹ̀ kò pọ̀, ohùn imú tó ń rọ́ bí fàyolíìnì ni gbogbo ẹwà rẹ̀, olùtumọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa lé ohùn níbẹ̀. Eré apanilẹ́rìn-ín Molière náà yàtọ̀. Ìbáramu ló ń mú kí ẹ̀rín bú jáde, ìdí nìyẹn tí Richard Wilbur fi pa ìbáramu mọ́ nínú pẹntámítà nígbà tó túmọ̀ The Misanthrope ní 1955, ó sì ṣe é tí àwọn òṣèré ṣì ń lò ó.

Baudelaire fúnra rẹ̀ mọ ìnira yìí dáadáa, nítorí olùtumọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi túmọ̀ iṣẹ́ Edgar Allan Poe láti Gẹ̀ẹ́sì sí Faransé. Nígbà tó kan ewì Poe lórí ẹyẹ ìwò, ewì tí ìbáramu kún fọ́fọ́, ọ̀rọ̀ wuuru ni Baudelaire fi túmọ̀ rẹ̀ ní 1853. Ó gbà pé àbùkù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tó pọ̀ jù ìyẹn ni ìbá jẹ́ bí òun bá fi ìbáramu sín Poe jẹ. Francis Scarfe ṣe ohun kan náà fún Baudelaire ní 1961: ọ̀rọ̀ wuuru Gẹ̀ẹ́sì ló fi sábẹ́ Faransé. Kò sí àwòrán kan tó bọ́ sọnù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdúró àárín ìlà, kò sí ìwúwo apá, ẹyẹ náà sì ń ṣubú láìsí ibi gíga tó ti ṣubú.

Nínú àwọn mẹ́ta tí a yẹ̀ wò, ti Howard ló pa àwòrán Baudelaire mọ́ jù, àyàfi ìlà tó kẹ́yìn. Ti Campbell ló dùn jù létí, ẹsẹ kejì rẹ̀ sì sàn ju ti Howard lọ títí dé orí àjẹ̀ tó ń léfòó. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé tó sì fẹ́ mọ ewì yìí, kó wá ìtumọ̀ méjèèjì, kó ka ẹsẹ kejì ti Campbell sókè, kó sì ka ẹsẹ kẹta ti Howard tẹ̀lé e.